Mẹ́mọ́rì Tó Dà Bíi Pé Ó Ti Tán

Ẹni tó bá ń tọ́jú kọ̀ńpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ì báà jẹ́ ti ilé-ìwé, ti ilé ìtajà tàbí ti ilé iṣẹ́ ìròyìn, bó pẹ́ bó yá, yóò rí ohun tí yóò já a láyà. Yóò tẹ àṣẹ kúkúrú kan, `free -m`, sórí ẹ̀rọ tó ń lo Linux, kó lè mọ bí mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà ṣe kù sí. Èsì tó máa jáde lè rí báyìí:

```
               total        used        free      shared  buff/cache   available
Mem:            7851        2213         187         146        5451        5198
Swap:           2047          38        2009
```

Mẹ́gábáìtì ni wọ́n fi ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ní 7851 lápapọ̀, ìyẹn irú èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní ráàmù 8. Àmọ́ ẹ wo abẹ́ `free`: 187 péré. Kò tó 3 nínú 100 ohun tí ẹ̀rọ náà ní. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìkànnì tó wà lórí ẹ̀rọ náà ń ṣí wàràwàrà, kò sẹ́ni tó pe ọ́fíìsì láti ṣàròyé. Àwọn kan á gba ọjà lọ láti ra mẹ́mọ́rì sí i. Àwọn mìíràn á pa ẹ̀rọ, wọ́n á tún un tàn. Lẹ́yìn ìyẹn `free` á ga sókè, ọkàn á balẹ̀, àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, á tún ti wálẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò ṣàìsàn rárá. Ìlà kan náà tó ń dẹ́rù bani yẹn ló gbé ìdáhùn dání, ní ìparí rẹ̀ lápá ọ̀tún: 5198 lábẹ́ `available`. Iye tí àwọn ètò tuntun lè gbà nìyẹn, láìsí pé ẹ̀rọ ń kó ẹrù ètò mìíràn kúrò nílẹ̀ fún wọn. Nọ́ńbà méjèèjì ló jẹ́ òótọ́. Kí èèyàn tó lè mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, ó ní láti mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń fi mẹ́mọ́rì rẹ̀ ṣe.

Àdírẹ́ẹ̀sì tí ètò mọ̀, àti ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Búráúsà tí èèyàn fi ń ka ìròyìn kò mọ ibi tí ohun tó kọ sínú mẹ́mọ́rì wà ní ti gidi. Kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, ló fún un ní àwọn àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀, tí iye wọn pọ̀ fíìfíì ju mẹ́mọ́rì tó wà nínú ẹ̀rọ lọ. Ètò mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Àwọn méjèèjì lè pe àdírẹ́ẹ̀sì kan náà lásìkò kan náà, kí kálukú sì bá nǹkan tirẹ̀ níbẹ̀, láìfọwọ́ kan ti ẹnì kejì. Ètò yìí ni mẹ́mọ́rì àfojúinúwò: ohun tí ètò rò pé òun ní, tó yàtọ̀ sí ohun tó wà nílẹ̀.

Kí èyí lè ṣeé ṣe, kánẹ́ẹ̀lì pín mẹ́mọ́rì sí ojú-ewé kéékèèké. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ńpútà òde òní, báìtì 4096 ni ojú-ewé kan. Ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní irú rẹ̀ tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2. Ètò kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń sọ ibi tí ojú-ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, pirósẹ́sọ̀ tó ń ṣe ìṣirò ẹ̀rọ sì ń tẹ̀ lé ìwé yìí ní gbogbo ìgbà tí ètò náà bá fẹ́ ka nǹkan. Bí ìwé náà bá sọ pé ojú-ewé ọ̀hún kò sí nínú mẹ́mọ́rì, pirósẹ́sọ̀ á dá ètò náà dúró, á sì fa ọ̀rọ̀ lé kánẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Kánẹ́ẹ̀lì á wá ojú-ewé náà kàn, á gbé e wọlé láti orí dísìkì tàbí kó pèsè èyí tó ṣófo, á tún ìwé àkọsílẹ̀ ṣe, ètò náà á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò ní mọ̀ pé wọ́n dá òun dúró rí.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Manchester, lábẹ́ ìdarí Tom Kilburn, ni èrò yìí ti kọ́kọ́ di ohun tó ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ńpútà wọn, Atlas, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 1962, ní mẹ́mọ́rì kékeré tó yára, àti ìlù onímágínẹ́ẹ̀tì kan tó tóbi jù ú lọ àmọ́ tó lọ́ra. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó ń kọ ètò ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò fi máa kó ọ̀rọ̀ lọ kó ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Lórí Atlas, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ yẹn ṣe, ẹni tó ń kọ ètò sì ń rí mẹ́mọ́rì ńlá kan ṣoṣo.

Nítorí pé àfojúinúwò ni, ìlérí àti ẹrù kì í ṣe ohun kan náà. Bí ètò kan bá ní òun fẹ́ gígábáìtì 1, kánẹ́ẹ̀lì sábà máa ń dá a lóhùn pé ó ti rí i gbà, láìtíì yọ ojú-ewé kan fún un. Ọjọ́ tí ètò náà bá kọ nǹkan sójú-ewé kan gan-an ni wọ́n máa ń pèsè ojú-ewé ọ̀hún. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá tẹ `top` fi lè rí búráúsà tí nọ́ńbà rẹ̀ lábẹ́ `VIRT` ju gbogbo mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ lọ, tí kò sì sí wàhálà kankan. Ìlérí ló wà lábẹ́ `VIRT`. Abẹ́ `RES` ni iye tó ń gbé inú mẹ́mọ́rì lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ibi tí 5451 wọlé sí

Ẹrù tó pọ̀ jù lọ lórí ẹ̀rọ wa kì í ṣe ti àwọn ètò. Àwọn ètò, pẹ̀lú kánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, gba 2213. Abẹ́ `buff/cache` ni 5451 wà, ìyẹn àká ojú-ewé.

Nígbà tí ètò bá ní kí wọ́n ka fáìlì kan fún òun láti orí dísìkì, kánẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ kó àwọn ojú-ewé fáìlì náà sínú mẹ́mọ́rì, á wá fún ètò náà ní ohun tó béèrè. Bí ètò náà bá kà á tán, kódà bó bá pa dé pátápátá, kánẹ́ẹ̀lì kì í kó àwọn ojú-ewé yẹn dànù. Ó máa ń fi wọ́n sílẹ̀, bóyá ẹlòmíràn á tún béèrè wọn. Bí akọ̀wé ọ́fíìsì ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tó lọ mú fáìlì wá láti yàrá ẹ̀yìn, tó sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì lẹ́yìn tó kà á tán níwọ̀n ìgbà tí àyè bá ṣì wà níbẹ̀. Tábìlì náà á kún, àmọ́ bí iṣẹ́ tuntun bá dé, apá kan ṣoṣo ni yóò fi gbá fáìlì kúrò fún un.

Ohun tó fà á ni pé ìrìn àjò lọ sórí dísìkì jìn. Láti mú ọ̀rọ̀ kan jáde nínú mẹ́mọ́rì, ó ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù 10 ìṣẹ́jú àáyá. Lórí dísìkì àtijọ́ tó ń yí, ó lè gba ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá. Ìyàtọ̀ àárín wọn tó ìlọ́po 100,000. Dísìkì òde òní tí kò ní ohun tó ń yí nínú dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, síbẹ̀ mẹ́mọ́rì ṣì fi bí ìlọ́po 1000 yára jù ú.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ Linux lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan irú ẹ̀rọ wa yìí, tó ń lo dísìkì tó ń yí. `free` jẹ́ 6210, `buff/cache` jẹ́ 737, `used` sì jẹ́ 904. Fáìlì kan wà lórí dísìkì tó tó mẹ́gábáìtì 1024. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, wọ́n sì ní kí ẹ̀rọ ka àkókò tó gbà:

```
$ time cat danwo.dat > /dev/null
real    0m8.614s
$ time cat danwo.dat > /dev/null
real    0m0.217s
```

Àṣẹ kan náà, fáìlì kan náà. Ní àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà ń ti orí dísìkì bọ̀, ó sì gba ohun tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá 8. Lẹ́ẹ̀kejì, inú mẹ́mọ́rì ló ti wá, èèyàn kò tíì ṣẹ́jú tó fi parí. Bí wọ́n bá wá tẹ `free -m` padà, wọn á rí i pé `free` ti bọ́ sí 5186, `buff/cache` ti ga sí 1761. Mẹ́gábáìtì 1024 ló ti ṣí kúrò lábẹ́ àkọlé kan lọ sábẹ́ èkejì. `used` ṣì wà ní 904. `available` kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mira.

Ó kù kí ìgbésí ayé ẹ̀rọ náà máa lọ bó ṣe yẹ. Àwọn èèyàn á máa ṣí ojú ìwé ìkànnì, àwọn àwòrán á máa jáde láti orí dísìkì. Lóru, ètò kan á ka gbogbo fáìlì láti ṣe ẹ̀dà wọn pamọ́. Ẹ̀dà òru kan ṣoṣo tó láti mú `free` wálẹ̀ pátápátá, torí pé gbogbo fáìlì tó bá kà ló ń gba inú àká ojú-ewé kọjá.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń dá àyè padà

Bí ètò tuntun bá dé tó fẹ́ mẹ́mọ́rì, kánẹ́ẹ̀lì á wo àwọn ojú-ewé tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ojú-ewé kan bá jẹ́ ti fáìlì, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì bá ti orí dísìkì mu, kò sí ohun tó yẹ kó kọ síbì kankan. Á yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀, á nù ún, á gbé e fún ètò tuntun. Ojúlówó rẹ̀ ṣì wà lórí dísìkì, bí ẹnì kan bá tún béèrè rẹ̀, wọ́n á lọ mú un.

Kánẹ́ẹ̀lì kì í dúró di ìgbà tí `free` bá di òfo kó tó ṣe èyí. Ó ní ààlà kan nísàlẹ̀ àti ààlà kejì lókè. Bí ojú-ewé tó ṣófo bá dín sí ti ìsàlẹ̀, òṣìṣẹ́ kan nínú kánẹ́ẹ̀lì, tí orúkọ rẹ̀ hàn lórí `top` gẹ́gẹ́ bíi `kswapd0`, á jí, á máa gba ojú-ewé padà títí yóò fi dé ti òkè, á sì padà sùn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le, tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fi máa ń ní `free` tó ń rìn yí ká nọ́ńbà kékeré kan lójoojúmọ́, tí kì í sì tán. Ààlà ni 187 yẹn ń rìn yí ká.

Irú ojú-ewé kan wà tí kò ṣeé nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: èyí tí wọ́n ti kọ nǹkan tuntun sí tí kò tíì dé orí dísìkì. Bí ètò bá ní kí wọ́n pa fáìlì mọ́, inú àká ojú-ewé ni kánẹ́ẹ̀lì máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, á sì sọ fún ètò náà pé ó ti parí. Bí ohun tó kọ náà bá ti pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, bí wọn kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ó máa tó fi í ránṣẹ́ sórí dísìkì. Ohun tó ń ba fáìlì jẹ́ lórí fíláàṣì nìyí. Ìlà tó ń fi bí iṣẹ́ ti dé hàn á kún, èèyàn á rò pé ẹ̀dà ti parí, á fà á yọ, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ lára fáìlì náà ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì kọ̀ńpútà. Àṣẹ `sync`, tàbí bọ́tìnnì tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó yọ fíláàṣì, ló ń fipá lé ìyókù lọ sórí rẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì lára kọ̀ńpútà tí kò ní bátìrì, ohun tí wọ́n kọ kẹ́yìn náà lè lọ bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ó ṣeé ṣe láti ka nọ́ńbà `available` pẹ̀lú òye. Kó tó di ọdún 2014, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé kí wọ́n ro `free` pọ̀ mọ́ ohun tó wà nínú àká. Ìṣirò náà máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n ń kà mọ́ àká tí kò ṣeé nù. Ọ̀kan lára wọn ni mẹ́mọ́rì tí àwọn ètò jọ ń lò, 146 lábẹ́ `shared` lórí ẹ̀rọ wa. Ìgbà tí Linux 3.14 jáde ní ọdún 2014 ni ìlà `MemAvailable`, tí Rik van Riel kọ, wọ inú `/proc/meminfo`, àṣẹ `free` náà sì gba àkọlé `available` lọ́dún yẹn. Bí èèyàn bá ro 187 pọ̀ mọ́ 5451, 5638 ló máa rí. `available` sọ pé 5198. Nínú 440 tó wà láàárín wọn, 146 jẹ́ ti `shared`. Ìyókù jọ mọ́ ohun tí kánẹ́ẹ̀lì yọ sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, àti díẹ̀ lára àká tó gbà pé ẹ̀rọ kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí i.

Àyè ìpààrọ̀ àti 38 tó wà níbẹ̀

Ìlà kejì, `Swap`, náà máa ń dẹ́rù bani. Ẹ̀rọ tó ní 5198 tó ṣeé lò, kí ló ń fi 38 ṣe lórí dísìkì?

Kì í ṣe gbogbo ojú-ewé ló ní fáìlì lẹ́yìn. Lẹ́tà tí èèyàn ń tẹ̀ lọ́wọ́ tí kò tíì pamọ́, èsì ìṣirò tí ètò ń ṣe, gbogbo wọn jẹ́ ohun tí ètò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú mẹ́mọ́rì. Bí kánẹ́ẹ̀lì bá nù wọ́n, wọ́n ti lọ gbére nìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà kó wọn kúrò nínú mẹ́mọ́rì ni kó kọ wọ́n sí àyè ìpààrọ̀ lórí dísìkì, kó sì kó wọn padà lọ́jọ́ tí ètò bá béèrè wọn. Bí ẹ̀rọ bá ń tàn, ọ̀pọ̀ ètò ló máa ń ka ohun tí wọ́n ní láti fi bẹ̀rẹ̀, tí wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án mọ́ títí wọ́n á fi pa dé. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ló ṣeé ṣe kó wà nínú 38 yẹn. Ó sàn kí ó wà lórí dísìkì, kí àyè rẹ̀ sì gba fáìlì tí àwọn èèyàn ń béèrè lójoojúmọ́.

Àwọn kan máa ń fi `swapoff -a` pa àyè ìpààrọ̀ pátápátá, pẹ̀lú èrò pé ẹ̀rọ kò ní lọ́ra mọ́. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn ètò fúnra wọn jẹ́ fáìlì lórí dísìkì, àwọn ojú-ewé àṣẹ wọn sì wà nínú àká bíi ti fáìlì yòókù. Bí ohun tí àwọn ètò kọ bá ti gba gbogbo mẹ́mọ́rì, tí kò sì síbi tí wọ́n lè kó o lọ, ohun tó kù tí kánẹ́ẹ̀lì lè nù ni àṣẹ ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Á nù ún, ètò náà á tún béèrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á lọ kà á wá láti orí dísìkì, á tún nù ún. Atọ́ka orí ojú kọ̀ńpútà á gan, iná dísìkì á máa tàn láìsinmi, kò sì ní sí àyè ìpààrọ̀ kankan tí èèyàn lè di ẹ̀bi lé lórí.

Lórí fóònù Android, tó ń lo kánẹ́ẹ̀lì Linux kan náà, ọgbọ́n tó jọ èyí wà níbẹ̀. Dípò kí wọ́n máa kọ ojú-ewé sórí ibi ìpamọ́ fóònù, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń fún wọn pọ̀ kí wọ́n lè kéré, wọ́n á sì tò wọ́n sí apá kan nínú mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀.

Ìwòsàn tó ń dá àìsàn sílẹ̀

Ẹni tó bá gbà pé `free` gbọ́dọ̀ ga yóò wá ọ̀nà láti gbé e ga. Ọ̀nà náà wà, ó sì rọrùn:

```
sync; echo 3 > /proc/sys/vm/drop_caches
```

Ìlà yìí ń nu gbogbo ojú-ewé inú àká tó ṣeé nù. `free` á fò sókè lójú ẹsẹ̀, láti 187 dé ẹgbẹ̀rún 5 àti díẹ̀, àwòrán náà á sì dára lójú. Àwọn alábòójútó ẹ̀rọ kan máa ń fi í sínú iṣẹ́ tó ń ṣe ara rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Àmọ́ ohun tí wọ́n nù ni fáìlì tí gbogbo èèyàn ń lò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìkànnì lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò dúró de dísìkì, ẹnì kejì náà á dúró, títí gbogbo ohun tí wọ́n kó dànù yóò fi padà sínú mẹ́mọ́rì. Àwọn tó ń tọ́jú kánẹ́ẹ̀lì kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé rẹ̀ pé ìdánwò ni ohun èlò yìí wà fún, wọn kò sì dámọ̀ràn rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ tún ìdánwò `danwo.dat` òkè yẹn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá jogún ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè mọ̀ bóyá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fara pamọ́ síbẹ̀. Kánẹ́ẹ̀lì sábà máa ń kọ ọ́ sílẹ̀: bó bá tẹ `dmesg`, á rí ìlà tó ní `drop_caches: 3` nínú. Bí ẹ̀rọ náà bá sì ń lọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí dísìkì ń kàwé bí ẹni tí ebi ń pa, tó wá ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Àwọn áàpù tó ń ṣèlérí pé àwọn ń fọ mẹ́mọ́rì fóònù ń dá irú ìpalára tó jọ èyí sílẹ̀. Wọ́n ń pa àwọn áàpù tó sinmi sínú mẹ́mọ́rì. Bí olóhun bá tún ṣí áàpù kan lára wọn, fóònù ní láti gbé e dìde láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, iṣẹ́ yẹn sì ń jẹ bátìrì ju kí ó wà níbi tó wà lọ. Android fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó pa áàpù, ó sì ń ṣe é nígbà tí àyè bá há.

Nígbà tí mẹ́mọ́rì bá ń tán lóòótọ́

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí kò túmọ̀ sí pé mẹ́mọ́rì kì í tán. Ó ń tán, ó sì ń pa iṣẹ́ lára. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ kan náà lẹ́yìn tí ètò kan tó ní àṣìṣe nínú ti ń gba mẹ́mọ́rì díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìdá a padà:

```
               total        used        free      shared  buff/cache   available
Mem:            7851        7288         164         151         399         211
Swap:           2047        2031          16
```

Ẹ fi `free` wé ti àkọ́kọ́. 187 nígbà náà, 164 nísinsìnyí. Ẹni tó bá ń wo àkọlé yẹn nìkan kò ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ẹ̀rọ tó ń gbádùn àti ẹ̀rọ tó ń kú lọ. `available` ló sọ ọ̀rọ̀ náà: láti 5198 dé 211. Àká ti rù kù sí 399, nítorí náà fáìlì tó yẹ kó wà nítòsí ti di ohun tí wọ́n ń lọ kà lórí dísìkì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àyè ìpààrọ̀ pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Iye tó wà nínú àyè ìpààrọ̀ kò tó ẹ̀rí, bí ó ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde ló ṣe pàtàkì. Àṣẹ `vmstat 1` ń tẹ ìlà kan jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ `si` ni ohun tí wọ́n ń kó padà wá láti àyè ìpààrọ̀ wà, abẹ́ `so` sì ni ohun tí wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá, òdo ló máa ń pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ìlà àkọ́kọ́ kò kan ti báyìí, ìpíndọ́gba láti ìgbà tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ ni, kí èèyàn fò ó. Bí méjèèjì bá wá ń ga lásìkò kan náà, tí wọn kò sì sinmi, àwọn ètò ń jà sí àyè kan náà nìyẹn.

Láti Linux 4.20, tó jáde ní òpin ọdún 2018, kánẹ́ẹ̀lì tún ń ka ohun tí olóhun ẹ̀rọ fẹ́ mọ̀ jù lọ, ìyẹn bí àìtó mẹ́mọ́rì ṣe ń dá iṣẹ́ dúró tó. Inú fáìlì `/proc/pressure/memory` ló wà, ó sì lè rí báyìí lórí ẹ̀rọ tí wàhálà bá:

```
some avg10=34.20 avg60=29.75 avg300=18.02 total=91352744
full avg10=21.06 avg60=17.90 avg300=10.41 total=55201873
```

`avg10` ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ́jú àáyá 10 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Nínú 100 àkókò yẹn, iṣẹ́ kan ó kéré tán fi 34 dúró de mẹ́mọ́rì. Ìlà kejì tún wúwo jù ú: fún 21, gbogbo iṣẹ́ tó yẹ kó máa lọ ló dúró pa pọ̀. Lórí ẹ̀rọ wa àkọ́kọ́, tí `free` rẹ̀ jẹ́ 187, ohun tó yẹ kéèyàn rí níbẹ̀ ni `0.00` tàbí ohun tó sún mọ́ ọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ibẹ̀, tí kò sí ojú-ewé tó ṣeé nù mọ́, tí àyè ìpààrọ̀ sì ti kún, kánẹ́ẹ̀lì á yan ètò kan, á pa á, kí ìyókù lè yè. Ẹ̀tọ́ yìí sábà máa ń já lé ètò tó gba mẹ́mọ́rì jù, èyí tó lè jẹ́ ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ wà gan-an, kì í ṣe ètò tó dá wàhálà sílẹ̀. Ìlà `Out of memory: Killed process` nínú `dmesg`, pẹ̀lú nọ́ńbà àti orúkọ ètò tó kú, ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó bá rí i lówùúrọ̀ ti mọ ìdí tí ìkànnì fi kú lóru.

Kó tó dé ibẹ̀, `ps aux --sort=-rss | head` á to àwọn ètò tó gba mẹ́mọ́rì jù lọ sókè. Kí alábòójútó kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ lónìí, kó tún kọ ọ́ lọ́la lákòókò kan náà. Ètò tí `RSS` rẹ̀ ń ga lójoojúmọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i, ló ní àṣìṣe nínú, kò sì sí iye mẹ́mọ́rì tí wọ́n rà tí kò ní jẹ tán. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn dúró sójú kan, tí `available` sì ń wà nísàlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí `/proc/pressure/memory` náà ń fi hàn pé iṣẹ́ ń dúró, ẹ̀rọ náà kéré fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ìgbà yẹn ni owó mẹ́mọ́rì tuntun tó jáde lápò yóò ṣe ohun tí wọ́n rà á fún.